Owó Oṣù Yí Padà Láàárín Oṣù: Owó-Orí Èwo Ló Tọ́?

Ọdún ni òfin owó-orí Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026 fi ń díwọ̀n owó-orí òṣìṣẹ́, kì í ṣe oṣù. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣooṣù sì ni agbanisíṣẹ́ ń yọ ọ́. Àárín ọdún àti oṣù yìí ni ètò kọ̀ǹpútà ti máa ń ṣìnà.

Lẹ́tà tó wá láti Èrúwà sọ ti òṣìṣẹ́ kan tí owó rẹ̀ kúrò ní ₦100,000, tó di ₦160,000 láti ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà. Ó gba ₦50,000 fún ìdajì oṣù àkọ́kọ́ àti ₦80,000 fún ìkejì, àpapọ̀ ₦130,000. Owó náà pé. Owó-orí ₦2,000 péré ni wọ́n yọ.

Ètò náà ka ìdajì kọ̀ọ̀kan sí owó oṣù kan gbáko. Ó sọ ₦50,000 di ₦600,000 lọ́dún, kò sì rí owó-orí kankan níbẹ̀. Ó sọ ₦80,000 di ₦960,000, ó yọ ₦800,000 kúrò, ó rí ₦24,000 lọ́dún, ìyẹn ₦2,000 lóṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo jẹ àǹfààní ₦800,000.

Láti oṣù kìíní ló yẹ kí wọ́n ti kà á. Oṣù márùn-ún jẹ́ ₦500,000. Bí wọ́n bá fi ₦130,000 kún un, ó di ₦630,000. Ìpín oṣù mẹ́fà nínú ₦800,000 ni ₦400,000. ₦230,000 tó ṣẹ́kù ló ń san owó-orí, ìyẹn ₦34,500. Ó ti san ₦5,000 lóṣooṣù fún oṣù márùn-ún, ₦25,000. Nítorí náà ₦9,500 ni ti oṣù kẹfà. Ìṣirò yìí kò ka owó ìfẹ̀yìntì tàbí ìdẹ̀kùn fún owó ilé. Bí wọ́n bá wà, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ.

Àwọn ètò mìíràn máa ń yọ ₦14,000. Àwọn yẹn ti ka gbogbo oṣù sí ₦160,000, wọ́n sì ti gba ₦4,500 lé lórí.

Bí ₦2,000 bá ti jáde, oṣù keje ló máa tún un ṣe. Owó-orí oṣù méje jẹ́ ₦48,500, ó ti san ₦27,000, wọn yóò sì yọ ₦21,500 dípò ₦14,000. Ó tọ́ kí wọ́n ti sọ fún òṣìṣẹ́ náà kó tó rí i nínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Ọrùn agbanisíṣẹ́ ni àìpé owó náà wà lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ san án kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Nínú ètò náà, kí wọ́n pa ìdajì méjèèjì pọ̀ kí ìṣirò owó-orí tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún ti oṣù kẹfà ṣírò láti dán an wò. ₦9,500 ló yẹ kó jáde.