Pajápajá Kì í Gbé Ọ̀sẹ̀ Kan Nínú Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹsẹ̀ méjèèjì la fi ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n àìsàn tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ẹsẹ̀ kan ló sábà máa ń mú. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú díẹ̀ nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n sì fà lẹ́yìn tí ẹ sùn jí, ìjókòó ló fà á. Èyí tí ń dẹ́rù bà mí ni ẹsẹ̀ kan tó wú, tí èkejì sì wà bó ṣe wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Novara lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó ń bọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá a dúró lọ́nà Èkó, ó wọ ọkọ̀ òfurufú dé Ístáńbù, ó tún wọ òmíràn dé Malpensa. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Kò fẹ́ máa da àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàmú, ni kò bá mu omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n, kò sì dìde. Ọjọ́ kẹrin tó padà sẹ́nu iṣẹ́ nílé ìkẹ́rù, ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní pajápajá ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé fi àbóníkì wọ́ ọ, wọ́n fi omi gbígbóná jó o. Nígbà tí kò lọ, ẹnì kan ní àfàìmọ̀ ni kò tẹ nǹkan níbi òkú. Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo ní kó ká ṣòkòtò sókè kí n rí i.

Ṣé ẹ mọ pajápajá? Ó máa ń ki ẹran ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì, á le bí òkúta, ẹ ó pariwo, kò ní pẹ́ tí yóò fi tú. Ó lè kù díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó parí. Èyí tí ọmọ yìí ń sọ kò ki í mọ́lẹ̀, kò sì tú. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ó sì ń dùn ún jù tó bá dúró. Mo fọwọ́ kan án, ó gbóná ju ọ̀tún lọ, awọ ara rẹ̀ fà le, ó ń dán. Ìwé àwọn òyìnbó á sọ fún yín pé kí ẹ wò ó bóyá ó pọ́n. Lára àwọ̀ tiwa, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá, nítorí náà ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó, kí ẹ má fi ojú nìkan.

Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ń jẹun nílùú yìí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹsẹ̀. Mo wá kókó egungun tó yọ lábẹ́ orúnkún rẹ̀ níwájú, mo sọ̀ kalẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10, mo fi tépù télọ̀ yí i ká níbẹ̀. Ọ̀tún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 37, òsì jẹ́ 41. Tí ìyàtọ̀ bá ti ju 3 lọ, àmì tí àwọn dókítà kì í fojú kéré ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń dùn yín láìtú, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ. Tépù kò lè dá ẹnikẹ́ni láre.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ní láti gòkè padà sọ́kàn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló sì ń fún iṣan tí í gbé e gòkè bí a ti ń rìn. Tí a bá jókòó pẹ́ láìgbẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa falẹ̀ nínú iṣan tó wà nísàlẹ̀ ẹran, ó sì lè dì. Àjọ ìlera àgbáyé sọ lọ́dún 2007 pé ìrìnàjò tó bá ju wákàtí 4 lọ ń sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ òfurufú, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin. Ewu náà kò pọ̀ púpọ̀: nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000 arìnrìnàjò ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀ nìkan ló ń farahàn. Ó lè jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tí ẹ ti gbàgbé ìrìnàjò náà. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já, kó gba inú ọkàn kọjá, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba àbóníkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ẹ má wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Tí èémí ẹnì kan bá sì há lójijì, tí àyà ń gún un tó bá mí sínú, tó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tó dákú, ẹ pe 112 lójú ẹsẹ̀.

Mo mú un lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, ibi tí ẹ̀yin ń pè ní pírọ́ńtò sokọ́sò. Ẹ má kàn sọ níbẹ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, torí ẹ ó jókòó pẹ́. Ẹ sọ pé ẹsẹ̀ kan ló wú, ẹ sọ ìrìnàjò tí ẹ rìn, ẹ sì sọ tí ẹ bá lóyún, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tí ẹ ń lo oògùn ìfètòsọ́mọ́bíbí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní dí-dáímà. Tó bá wálẹ̀ lára ẹni tí àmì kò pọ̀ lára rẹ̀, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé. Tó bá ga, kò tíì fìdí nǹkan kan múlẹ̀, torí iṣẹ́ abẹ àti àkóràn náà ń gbé e ga. Ẹ̀rọ àwòrán ló ń sọ òótọ́. Dókítà fi ọwọ́ ẹ̀rọ náà tẹ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Iṣan tó dá ṣáṣá á tẹ́ pẹrẹsẹ bí rọ́bà omi tó ṣófo. Ti ọmọ yìí kọ̀, kò tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì ló kún inú rẹ̀.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ẹparína síkùn lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn náà wọ́n fún un ní ríbarọ́sábáànù: mílígíráàmù 15 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 21, lẹ́yìn rẹ̀ 20 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Oògùn yìí kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì; ó ń dá a dúró kó má dàgbà ni, ara fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ ọ. Nítorí náà oṣù mẹ́ta ni ó kéré jù, kódà bí wíwú bá ti fà. Ó sì gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ wọlé, torí ikùn òfìfo kì í gbà á dáadáa. Oṣù kejì ni mo gbọ́ pé ọmọ yìí ti wọ ààwẹ̀ ìjọ, tó ń fi omi lásán gbé e mì. Mo pe pásítọ̀, ó tú ààwẹ̀ náà fún un. Ẹ má fi àgbo tàbí oògùn ara ríro kún un láìbéèrè, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà láìdúró.

Ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn náà ńkọ́? Àwọn dókítà Padua gbé òṣùwọ̀n kan jáde lọ́dún 2010 tí wọ́n fi ń mọ aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú àwọn tí òṣùwọ̀n náà fi hàn pé ewu wọn ga, 11 nínú 100 tí kò gba oògùn ìdènà ni ẹ̀jẹ̀ wọn dì. Lára àwọn tó gbà á, nǹkan bí 2 ni. Nítorí náà, tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún màmá yín lábẹ́rẹ́ síkùn nígbà tó wà nílé ìwòsàn, ẹ má sọ pé kí ló tún kàn wọ́n pẹ̀lú ikùn rẹ̀.

Àwọn kan nínú yín kò níwèé, ẹ̀rù ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Òfin ilẹ̀ Ítálì ti ọdún 1998 fàyè gba ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹni tí kò níwèé, ó sì kọ̀ fún ilé ìwòsàn láti torí ìtọ́jú fi í sun ọlọ́pàá. Ẹ béèrè káàdì tí wọ́n ń pè ní STP, oṣù mẹ́fà ló fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìwé mú ẹnikẹ́ni jókòó ti ẹsẹ̀ tó wú.