Àpótí Ìmọ̀: Ìròyìn Àṣìlò Oògùn

Ká ní ọmọ tó wọn kílò 6 wà ní ilé ìwòsàn kan ní Paraku. Dókítà ní kí wọ́n fa parasitamọ́ọ̀lù mílígíráàmù 45 sí i lára. Mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 1 oògùn náà, mílílítà 4.5 ló yẹ, ṣùgbọ́n mílílítà 45 ni nọ́ọ̀sì fà sí i lára. Báwo la ó ṣe kọ ìròyìn rẹ̀?

«Nọ́ọ̀sì kò fọkàn síṣẹ́» kì í ṣe ìròyìn, ẹjọ́ ni. Kọ ọ́ báyìí: «Ní aago 10:40 alẹ́, mílílítà 45 wọ ara ọmọ náà, ìyẹn mílígíráàmù 450. A rí i ní 11:15, a sọ fún dókítà àti ìyá ọmọ. Ìwé àṣẹ kò sọ iye mílílítà.»

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló wúlò jù, torí òun ló fi ibi tí a óò tún ṣe hàn. Má kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sínú ìròyìn náà.