Fọ́ńtì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bá ẹgbẹ́, ìjọ àti ilé-ìwé tọ́jú ìwé, orí fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lé. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ni, ojú ewé 64. Akọ̀wé wọn ló tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́, ó sọ ọ́ di PDF, ó sì fi í pamọ́ sínú sídì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá bá mi pé kí n sọ ọ́ di PDF/A, kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn lè rí i kà. Mo rò pé kí ilẹ̀ tó ṣú ni n óò parí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí.

1. Ẹ mọ ohun tí PDF/A ń béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní ISO 19005 ni, ọdún 2005 ni apá kìíní rẹ̀ jáde. Ohun tó ń béèrè kò le láti sọ: gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà nílò láti fi ojú ewé náà hàn gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ yá fọ́ńtì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣí i, kò gbọ́dọ̀ ní páásìwọ́ọ̀dù, kò sì gbọ́dọ̀ ní ètò JavaScript nínú. Apá kìíní ti le jù fún ọ̀pọ̀ ìwé òde òní, nítorí kò gba àwòrán tàbí àwọ̀ tí a lè rí òmíràn gba inú rẹ̀. Apá kejì, tó jáde ní 2011, gbà á, òun ni mo sì máa ń lò. Apá kẹta, ti 2012, gbà kí a so fáìlì irú yòówù mọ́ ìwé. Bí kò bá sí ìdí pàtàkì, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀: b ń ṣèlérí pé ojú ewé kò ní yí padà lójú, u ń fi kún un pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe é wá, ó sì ṣe é dà kọ. PDF/A-2b ni mo yàn fún ìwé ẹgbẹ́ yìí.

2. Ẹ yẹ fáìlì àtijọ́ wò kí ẹ tó yí i padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń yí i padà ná, kí wọ́n tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í sì mọ ohun tó sọ nù lójú ọ̀nà. Àṣẹ méjì ni mo lò:

```
pdffonts ipade.pdf
verapdf -f 2b ipade.pdf
```

Èkíní máa ń to orúkọ fọ́ńtì gbogbo sílẹ̀, ẹ wo abẹ́ `emb`. Bí ẹ bá rí `no` níbẹ̀, fọ́ńtì yẹn kò sí nínú fáìlì. Nínú ìwé ẹgbẹ́ náà, fọ́ńtì méjì ló wà, `no` ni méjèèjì.

Èkejì ni veraPDF, ọ̀fẹ́ ni, Open Preservation Foundation àti PDF Association ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìròyìn rẹ̀ já yín láyà. Tiwa sọ pé ohun tó lé ní 1,000 ló kùnà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà pẹ̀lú mi sì fọwọ́ lérí. Mo ní kó wo iye tó wà níwájú `failedRules`, kó fi `failedChecks` sílẹ̀. Mẹ́rin péré ni òfin tí fáìlì náà rú. Àwọ̀ kan tí kò ní àlàyé ni a lò ní gbogbo ojú ewé, a sì kà á léraléra.

3. Àwọn mẹ́rin yẹn náà ni mo máa ń bá pàdé jù lọ, nítorí náà ẹ mọ̀ wọ́n mọ́ nọ́ńbà wọn. `6.2.11.4.1` ni fọ́ńtì tí kò sí nínú fáìlì. `6.2.4.3` ni àwọ̀: fáìlì ní kí a lo pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, kò sì sọ irú pupa wo ni. Fáìlì ICC kékeré kan, sRGB, tí a so mọ́ ọn lábẹ́ orúkọ `OutputIntent`, ló ń tán an. `6.6.2.1` ni àkọsílẹ̀ XMP tó yẹ kó sọ irú ìwé tí fáìlì náà jẹ́. Tiwa kò ní in rárá. `6.3.2` ni ìlíǹkì àti àkíyèsí tí a kò sàmì sí pé ó gbọ́dọ̀ hàn nígbà tí a bá tẹ ìwé náà sórí bébà.

Mẹ́ta nínú wọn, ẹ̀rọ lè tún wọn ṣe láìba nǹkan kan jẹ́. Fọ́ńtì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ àwọn kan tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ kọ `pdfaid:part` sínú XMP kí fáìlì lè dà bí PDF/A. Bí ẹ bá ṣí irú rẹ̀ nínú Acrobat, yóò sọ fún yín pé fáìlì náà pe ara rẹ̀ ní PDF/A. Ohun tó pe ara rẹ̀ ló ń sọ, kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

4. Ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí fọ́ńtì kò fi sí nínú fáìlì. Ìdí kan pọ̀ ju ìyókù lọ. Láyé àtijọ́, fọ́ńtì 14 kan wà tí gbogbo ẹ̀rọ tó ń ka PDF gbọ́dọ̀ ní, Times, Helvetica àti Courier wà lára wọn. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe PDF kì í kó wọn sínú fáìlì, kí ó má baà wúwo. PDF/A kò gba àwíjàre yẹn. Fọ́ńtì àkọ́kọ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò sì le láti tún ṣe, nítorí lẹ́tà èèbó lásán ló wà nínú rẹ̀, èyí tó jọ ọ́ gan-an sì wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì ni ìṣòro. Kí Unicode tó tàn kálẹ̀, àwọn tó ń ṣe fọ́ńtì Yorùbá máa ń yọ àmì kan tí a kì í sábà lò kúrò, wọ́n á sì ya ẹ tàbí ọ sí ipò rẹ̀. Nínú fọ́ńtì akọ̀wé yìí, ipò `[` ni ẹ wà, ipò `]` ni ọ wà. Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó ní fọ́ńtì náà, ó ń rí ọba. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, tí kò ní in, `]ba` ni mo rí. Fọ́ńtì náà ni ìwé ọ̀hún gan-an; bí kò bá sí, kò sí ẹni tó lè ka ohun tí akọ̀wé kọ.

5. Bí ẹ bá fẹ́ fi Ghostscript yí fáìlì padà, ẹ má ṣe gbà á láyè láti yan nǹkan fún yín. Àṣẹ tí mo lò nìyí, lẹ́yìn tí mo ti kọ orúkọ fáìlì ICC sínú `PDFA_def.ps`:

```
gs -dPDFA=2 -dBATCH -dNOPAUSE -sDEVICE=pdfwrite \
 -sColorConversionStrategy=RGB \
 -dPDFACompatibilityPolicy=2 \
 --permit-file-read=srgb.icc \
 -sOutputFile=tuntun.pdf PDFA_def.ps ipade.pdf
```

Nọ́ńbà 2 tó wà níwájú `PDFACompatibilityPolicy` ní kó dúró bó bá bá ohun tí ìlànà kò gbà pàdé. Bí ẹ bá fi 1 síbẹ̀, yóò yọ ohun náà dànù, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 1 ni mo fi sí i, ìlíǹkì tó wà nínú àkóónú sì di àwátì. Ẹ má sì fi `-q` kún un, nítorí ó máa ń pa ìkìlọ̀ mọ́ yín lójú. Bí ẹ bá rí `(or substitute)` níbi tó ti ń gbé fọ́ńtì, ẹ fura: ó ti lè fi fọ́ńtì mìíràn rọ́pò èyí tí kò rí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ó mú fọ́ńtì mìíràn, ó kó o sínú fáìlì, ó kó `[` àti `]` gidi sínú rẹ̀. Mo gbé e fún veraPDF, ó yege. Òfin kankan kò kùnà. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ti di ìwé tí ọmọ ìlú kò lè kà, a sì ti fi òǹtẹ̀ PDF/A lù ú.

6. Nítorí náà, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá yege, ẹ ka ìwé náà. Ẹ fi ojú kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà orí bébà bó bá wà, kí ẹ sì fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú `pdftotext`. Ẹ má rò pé ipele u yóò gbà yín lọ́wọ́ irú ìjàǹbá yìí. Bí fáìlì bá sọ pé fọ́ńtì rẹ̀ ń tẹ̀ lé `WinAnsiEncoding`, olùyẹ̀wò gbà pé `]` ni `]`. Kò ní bí ó ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan ti ya ọ síbẹ̀.

7. Bí orísun bá wà, ẹ padà sí orísun. Mo ní kí ẹgbẹ́ náà lọ wá kọ̀ǹpútà akọ̀wé wọn rí. Wọ́n rí i ní yàrá ẹrù, ìwé náà wà nínú rẹ̀ ní Word, fọ́ńtì náà sì wà níbẹ̀. Mo tẹ ojú ewé gbogbo jáde sórí bébà láti orí kọ̀ǹpútà yẹn, kí n lè ní ohun tí n óò fi wé iṣẹ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni mo fi lẹ́tà Unicode rọ́pò àwọn àmì náà: `[` di ẹ, `]` di ọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Àwọn ìlà kan wà tí akọ̀wé fi fọ́ńtì èèbó tẹ̀, `[` tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ `[` lóòótọ́. Word gbà kí a sọ pé inú fọ́ńtì kan pàtó ni kó ti wá a, ẹ lo ibẹ̀. Mo wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí Charis SIL, tó ní àwọn lẹ́tà wa pẹ̀lú ohùn wọn, tí òfin rẹ̀ sì gbà kí a kó o sínú fáìlì. Àwọn fọ́ńtì kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n kò gbà á, ètò ìkọ̀wé sì lè fò wọ́n láìsọ fún yín.

Láti inú LibreOffice ni mo ti gbé e jáde, níbi tí wọ́n kọ `Archival (PDF/A, ISO 19005)` sí, mo yan PDF/A-2b. Ó kó fọ́ńtì sínú rẹ̀, ó so sRGB mọ́ ọn, ó kọ XMP. veraPDF gbà á láìrí àléébù. Mo fi `pdftotext` fà á jáde, mo wá "ẹgbẹ́", mo rí i. Lẹ́yìn náà, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jókòó ti ojú ewé 64, òun ń ka ti orí bébà sókè, èmi ń tọ ipa rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe méjì la rí, orúkọ ènìyàn ni méjèèjì, a tún wọn ṣe.

8. Ẹ má ṣe jabọ́ fáìlì àtijọ́. Yíyí PDF padà máa ń ba ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ jẹ́, bí ọ̀kan bá wà lórí rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dá a padà. Ohun mẹ́rin ni mo kó fún ẹgbẹ́ náà: PDF ti akọ̀wé bí mo ṣe bá a, ìwé Word pẹ̀lú fọ́ńtì rẹ̀, PDF/A tuntun, àti ìròyìn veraPDF pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é. Mo kọ ìlà mẹ́ta mọ́ ọn nípa àwọn àmì tí mo rọ́pò àti ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.