Bí A Ṣe Ń Kọ Pátákó Oúnjẹ Tí Ará Òkè Òkun Yóò Fi Dá Itọ́ Mì

Àǹtí mi ní bùkà kan lẹ́bàá títì ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Àwọn tiwa ló ń jẹun níbẹ̀ jù, àwọn tí àárò ilé ń sọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn tún pátákó oúnjẹ àwọn kọ, torí àwọn èèyàn ń kà á, wọ́n sì ń kọjá lọ.

Ohun tó wà lára rẹ̀ ni: "Ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀. Ó dùn gan-an." Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò mọ̀ pé ọ̀fadà dùn? Ẹni tó jẹ ẹ́ dàgbà kò nílò kí a yìn ín fún un. Àmì tó máa fi mọ̀ pé ẹni tó wà nídìí ààrò mọ̀ ọ́n sè ló ń wá.

Mo wá bi Àǹtí bí wọ́n ṣe ń sè é, mo sì kọ ọ́ báyìí:

"Ọ̀fadà nínú ewé, pẹ̀lú ayamáṣe. Ata tí kò tíì pọ́n, epo pupa tí a yọ́ títí pupa rẹ̀ fi ṣí, irú wooro. Pọ̀nmọ́, ṣàkì, ẹyin kan. Ó ta o!"

Irú yẹn ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ gbé èèyàn padà sílé, kí ọbẹ̀ tó kan ahọ́n. "Wooro" sì jẹ́ kó hàn pé kì í ṣe irú pẹ̀tẹ̀. "Ó ta o" ní tiẹ̀, bí ìyá èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tó bá ń bu oúnjẹ.

Báwo la ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ tí kò wúlò? Ẹ fi orúkọ oúnjẹ mìíràn rọ́pò. "Ó dùn, ó gbóná" bá ẹ̀bá mu, ó bá mọ́ínmọ́ín mu, nítorí náà ẹ pa á rẹ́. Irú wooro àti epo tí pupa rẹ̀ ti ṣí ò lè bá mọ́ínmọ́ín mu láéláé.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú abọ́ nìkan ni kí ẹ kọ. Ewé eéran kì í fìgbà gbogbo wà lọ́jà lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ tí kò bá sí, Àǹtí á fi ṣọ́ọ̀kì pa "nínú ewé" rẹ́. Mo fẹ́ kọ "ewédú tí a fi ìjábẹ̀ lù" sábẹ́ àmàlà, wọ́n ní rárá, ẹ̀rọ làwọn fi ń lọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Òkèlè àkọ́kọ́ báyìí ni àgbàlagbà Ìbàdàn á ti mọ̀, kò sì ní padà wá. "Àbùlà" la kọ, ó tó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti rí gbẹ̀gìrì àti ewédú tí wọ́n dà pọ̀ lórí àmàlà.

Fún ẹ̀gúsí, a kọ "edé gbígbẹ" gàdàgbà. Òfin ibẹ̀ ní kí olóúnjẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí edé bá wà nínú ohun tó ń tà, torí ó máa ń ṣe ara àwọn kan léṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kìlọ̀ fún ẹnì kan, tó ń pe ẹlòmíràn wọlé.