Àpótí Ìmọ̀: Ojú Ọmọdé nínú Ìtàn

Bí ọmọdé bá ń sọ ìtàn, ohun tí ojú, etí àti imú rẹ̀ kó nìkan ló lè sọ. Wo ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí ní Èkó, ní 1863, ọdún kan lẹ́yìn tí Oṣòdì Tápà kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé láti Ẹ̀pẹ́:

“Mo jókòó lórí àgbá epo nínú ọkọ̀ Bàbá. Ó ń yọ̀ mí nídìí. Lókèèrè, ọkọ̀ òyìnbó so aṣọ funfun mọ́ igi mẹ́ta, kò sì wọlé. Bàbá ní kò sáyè. Omi tó fẹ̀ báyìí!”

Àgbà mọ̀ pé òkìtì iyanrìn tó wà lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà ló ń dá ọkọ̀ ńlá dúró síta nígbà náà, tí ọkọ̀ kéékèèké fi ń gbé epo lọ bá a. Bí ọmọ náà bá ṣàlàyé iyanrìn yẹn fúnra rẹ̀, òǹkọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.