Èékánná tó Ń Ṣẹ́: Ṣé Iṣẹ́ Aró Ni tàbí Àìsàn?

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, kọ̀wé pé èékánná òun ń ṣẹ́, àárín rẹ̀ sì ti jin, pé ó máa ń rẹ òun bí òun bá gun àtẹ̀gùn, àti pé nǹkan oṣù òun máa ń tó ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ní èékánná àbúrò òun ọkùnrin náà ní ojú kéékèèké bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó ń béèrè bóyá aró àti sódà ló fà á.

ÌDÁHÙN: Aró àti sódà lè mú èékánná ṣẹ́ lóòótọ́, nítorí bí ọwọ́ bá ń rin tí ó sì ń gbẹ léraléra, etí èékánná a máa bó ní ìpele-ìpele, ìbọ̀wọ́ rọ́bà sì lè dín èyí kù. Ṣùgbọ́n èékánná tó jin láàárín, tí etí rẹ̀ gbé sókè bí ojú ṣíbí, máa ń jẹ́ àmì pé èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò tó. Bí obìnrin náà bá kán omi sórí èékánná rẹ̀, tí omi náà sì dúró síbẹ̀ láìṣàn dànù, a jẹ́ pé ó ti jin nìyẹn.

Nǹkan oṣù tó ju ọjọ́ méje lọ lè gbé irin jáde ju èyí tí oúnjẹ ń dá padà lọ, ìdí sì nìyí tí àárẹ̀ náà fi bá àmì èékánná mu. Síbẹ̀, níwọ̀n bí kẹ́míkà náà ti lè sọ èékánná dà bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Wọn yóò wo hẹmoglobíìnì, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, èyí tí kò yẹ kó dín sí gíráàmù 12 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan fún obìnrin tí kò lóyún; wọn yóò sì wo fẹritíìnì, tó ń fi irin tó wà ní ìpamọ́ hàn. Bí irin kò bá tó, oògùn irin yóò dá a padà, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá wá ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, irú bí fàíbírọ́ìdì, àìtó náà yóò tún padà wá. Tíì kò gbọ́dọ̀ bá oògùn irin rìn, nítorí kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Èékánná ọwọ́ ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó tó hù tán, nítorí náà àárẹ̀ yóò ti lọ kí èékánná tó gún.

Ọ̀rọ̀ ti àbúrò rẹ̀ yàtọ̀. Ojú kéékèèké díẹ̀ lè wà lára èékánná ẹni tí ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, tí èékánná ń ṣí kúrò lára ẹran, tí àwọ̀ bí ẹ̀kán epo sì hàn lábẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ soráyásíìsì, àìsàn awọ ara tí kì í ràn, tó máa ń mú ìgúnpá, orúnkún àti orí pá èépá. Bí oríkèé ìka rẹ̀ bá ń wú tàbí tí ó ń le gan-an láàárọ̀, kó má ṣe fi falẹ̀ rárá, nítorí àìsàn náà lè ba oríkèé jẹ́ láìní àtúnṣe.

Kí àwọn méjèèjì lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asùbíaró, kí obìnrin náà má sì fi ọ̀dà bo èékánná rẹ̀ lọ́jọ́ náà.