Ìpékeré Ń Tà, Owó Kò Sí

Ẹ̀gbọ́n mi,
Ìpékeré ni mò ń dín tà n'Íbàdàn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní kí n ṣe fídíò kékeré kan nípa àwọn àṣìṣe tí mo ṣe nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè máa fi han àwọn tó fẹ́ yá owó òwò. Mo ti kọ ohun tí mo máa sọ, mo fi í sínú lẹ́tà yìí. Tí mo bá kà á, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń lé èèyàn sá ni. Tí mo bá sì yọ díẹ̀ níbẹ̀, irọ́ ni. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìpékeré

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O to àṣìṣe jọ lọ bẹẹrẹ, o kò sì sọ bí èyíkéyìí nínú wọn ṣe wáyé. Ẹni tó bá kàn gbọ́ pé “mo pàdánù owó” yóò bẹ̀rù lóòótọ́, nítorí kò rí ibi tí owó náà gbà lọ. Mú ẹyọ kan, kí o sì tú u palẹ̀. Ká ní èmi ni, ọ̀rọ̀ iye owó ni n óò mú, èyí tí o fi gbólóhùn kan ṣoṣo fò kọjá.

O ní o ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kílò 10 ní ₦16,000. Òróró, iyọ̀, gáàsì àti ọ̀rá gba ₦8,000. O mọ̀ pé èèpo yóò lọ, o wá ṣírò ohun tó kù sí kílò 6. O pín in sí gíráàmù 50-50, ó di ọ̀rá 120, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦200. Nígbà náà, o ń tà á ní ₦300, o sì gbà pé ₦100 ni èrè.

Omi ni o gbàgbé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí a ti bó, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iná a lé omi náà jáde, òróró díẹ̀ a wọlé rọ́pò rẹ̀, kílò 6 yẹn a wá kù bíi 3. Ọ̀rá 60 lo rí, kì í ṣe 120. Nítorí náà, ₦400 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná ọ, o sì ń tà á ní ₦300. Bí ọjà bá ṣe yá tó ni gbèsè ń pọ̀ tó, a ò tíì ka owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́ ọn.

Kí ló dé tí o kò tètè rí i? Lẹ́tà rẹ fúnra rẹ̀ dáhùn: díẹ̀díẹ̀ lo ń dín in, o ń da ti àná pọ̀ mọ́ tòní, owó àjọ ni o sì fi ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn. Àjọ ló ń bo ihò náà. Ibí yìí gan-an ni kí o dúró sí nínú fídíò náà. O lè sọ ọ́ báyìí:

“Ẹ wò ó, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìpékeré mi kì í ṣẹ́kù sílẹ̀, síbẹ̀ n kì í rówó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí mo gbé èyí tí mo ti dín tán sórí òṣùwọ̀n ni mo tó mọ̀ pé ₦400 ni ọ̀rá kan ń ná mi, ₦300 ni mo sì ń tà á. Báyìí, ₦550 ni mò ń tà á. Àwọn oníbàárà kan bínú, wọn ò padà wá.”

Má yọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn o. Ẹni tó fẹ́ yá owó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àtúnṣe náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Sì jẹ́ kí wọ́n rí òṣùwọ̀n náà nínú fídíò, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kọ́kọ́ gorí rẹ̀, kí èyí tí o dín sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn á yé wọn ju àlàyé lọ.

Ti ìpékeré tó ń rọ̀ nínú ọ̀rá, tí o tún kọ, o lè fi kún un ní ṣókí: tẹ́lẹ̀, o máa ń dí i nígbà tó ṣì gbóná, ooru rẹ̀ a sì di omi sínú ọ̀rá. Sọ pé o ń jẹ́ kó tutù pátápátá báyìí kí o tó dí i, àti pé o máa ń fọwọ́ tẹ ọ̀rá wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ tó ń bá ọ dín nígbà náà, tí o mẹ́nu bà nínú ohun tí o kọ, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ìwọ lo ni ìṣirò, kì í ṣe òun.

Wọ́n lè bi ọ́ pé èló gan-an lo pàdánù lápapọ̀. Tí o bá kọ ọ́ sílẹ̀, ka iye náà fún wọn. Tí o kò bá kọ ọ́, sọ fún wọn pé o kò mọ̀, kí o má fojú bù ú.